Báwo ni mo ṣe lè fi ẹsẹ̀ mọ bí ilẹ̀ oko ṣe fẹ̀ tó, nígbà tí kò sí téèpù?

Àgbẹ̀Ọ̀tun:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ gba ilẹ̀ kan dáko ẹ̀gẹ́ lápá Ìsẹ́yìn. Baba tó ni ilẹ̀ ní éékà kan àbọ̀ ni, orí iye yẹn la sì fẹ́ dá owó ìṣákọ́lẹ̀ sí. Onítírákítọ̀ náà, éékà ni yóò fi gbowó lọ́wọ́ mi, nítorí náà bí wọ́n bá bù ú sí i, ẹ̀ẹ̀mejì ni n óò san àsanlé. Ojú ń sọ fún mi pé ilẹ̀ yẹn kò tó bí wọ́n ṣe wí. Kò sí téèpù lábúlé yẹn, fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni mo sì ń mú lọ sóko. Wọ́n ti jó igbó orí rẹ̀, ó mọ́ dáadáa, èèyàn lè rìn ín já. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà máa ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é tí kì í fi í di ìfojúdíwọ̀n lásán?

Káńsúlọ̀:
Kò le rárá. Ìṣísẹ̀ kan, mítà kan. Rin ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó o ka ìṣísẹ̀ rẹ. Pa ẹ̀gbẹ́ méjì tó dojú kọ ara wọn pọ̀, pín in sí méjì. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún méjì yòókù. Wá fi èkíní sọ èkejì di púpọ̀. Éékà kan jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 4,047, pè é ní 4,000 kó má baà dà ọ́ láàmú. Bí mo ṣe ń ṣe é láti ọdún gbọọrọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó bá mi jà rí.

Ìyá Aránṣọ:
Ẹ ṣọ́ra o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ara wọn nǹkan. Ní Gbági, oníṣòwò kan fi apá wọn ọ̀pá aṣọ mẹ́fà fún mi, láti imú dé orí ìka, bí àwọn àtijọ́ ṣe ń ṣe é. Ọmọbìnrin kúkúrú báyìí ni. Nígbà tí mo délé tí mo fi téèpù mi wọ̀n ọ́n, aṣọ kò tó bùbá ọkùnrin àti ṣòkòtò tí mo gba iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, apá tèmi ni mo fi ń wọ̀n ọ́n lójú wọn kí n tó sanwó. Mo ti mọ ibi tí ọ̀pá kan dé lára mi: láti orí ìka ọwọ́ ọ̀tún dé èjìká òsì, kì í ṣe imú. Bí ó bá jẹ́ aṣọ lẹ fẹ́ rà, ohun tí ẹ máa ṣe nìyẹn.

Àgbẹ̀Ọ̀tun:
Ẹ ṣeun, Mà. Ilẹ̀ ni o, kì í ṣe aṣọ.

Ọmọ Awọnlẹ̀:
Ilẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí Ìyá Aránṣọ sọ ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ara ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ni òṣùwọ̀n, ó sì gbọ́dọ̀ mọ bí òṣùwọ̀n ọ̀hún ṣe gùn tó kó tó gbé e lọ sójú iṣẹ́. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé ṣéènì tẹ̀lé awọnlẹ̀ kiri kí ọjọ́ orí tó dá mi jókòó.

Káńsúlọ̀, ẹ má bínú. Ìṣísẹ̀ kan kì í ṣe mítà kan fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí àgbàlagbà bá ń rìn bó ṣe máa ń rìn, ìṣísẹ̀ rẹ̀ máa ń wà láàárín sẹ̀ntímítà 70 sí 80. Èèyàn lè ya ẹsẹ̀ kó di mítà, àwọn kan wà tí wọ́n fi kọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọ́ ọ, tó bá ti rìn bíi ogún ìṣísẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ìrìn àdánidá ló dára jù, nítorí òun ni kì í yí padà.

Àgbẹ̀Ọ̀tun, ohun tí wàá ṣe rèé kó o tó lọ sóko. Lọ bá àwọn tó ń tẹ búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù onííǹṣì mẹ́sàn-án gùn ní íǹṣì 18, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó o to ogún sílẹ̀ ní ìlà kan, kí orí kan ìdí, kó má sí àyè láàárín. Ogún búlọ́ọ̀kù á fún ọ ní ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà. Na okùn lé e, kó o gé okùn náà síbẹ̀. Má lo okùn rọ́bà, má sì lo èyí tó máa ń fà bó bá tutù.

Àwọn kan máa ń dín mọ́ọ̀dù wọn kù, nítorí náà yẹ ọ̀kan wò kó o tó tò wọ́n. Owó ₦1,000 gùn ní sẹ̀ntímítà 15 àti ìlà kan. Tí o bá tẹ́ mẹ́ta tí kò wó, tí orí wọn kan ara wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó búlọ́ọ̀kù náà gẹ́lẹ́. Bí búlọ́ọ̀kù bá fi bí ìbú ìka kan kúrú sí wọn, kúrò níbẹ̀, wá ibòmíràn lọ.

Lẹ́yìn náà, wá ojú ilẹ̀ tó jọ ilẹ̀ oko rẹ, má lo títì ọ̀dà. Ta okùn náà lẹ́ẹ̀marùn-ún léra, kan igi mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin: 150 ẹsẹ̀ bàtà nìyẹn. Wọ bàtà tí wàá wọ̀ lóko, mú àdá rẹ dání bí o bá máa mú un lọ. Rìn ín lọ, rìn ín bọ̀, tún un rìn. Má wo ẹsẹ̀ rẹ, igi iwájú ni kó o máa wò. Tí iye rẹ bá ń yàtọ̀ ju ìṣísẹ̀ méjì lọ, o kò tíì máa rìn bó ṣe yẹ. Mu omi, kó o tún bẹ̀rẹ̀.

Káńsúlọ̀:
Gbogbo wàhálà yìí nítorí éékà kan? Pápá bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ kò ha wà ní gbogbo abúlé? 100 mítà ni gígùn rẹ̀. Kó lọ rìn ín, ó parí.

Ọmọ Awọnlẹ̀:
Òfin bọ́ọ̀lù gan-an gbà kí pápá gùn láti 90 dé 120 mítà. Ti ilé ẹ̀kọ́ abúlé, ibi tí igbó bá dúró sí ni ó ń parí sí. Àárín òpó góòlù ni òfin kò fi àyè sílẹ̀ fún, ẹsẹ̀ bàtà 24 ni. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi igi ọparun rì ńkọ́?

Alhájì Oníkòkó:
Salaamu. Ohun tó máa ń da èèyàn rú kì í ṣe gígùn ẹsẹ̀, kíkà ni. Èèyàn á ka 87, ẹnì kan á kí i lọ́nà, ó di 97. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni kó o máa kà, kó o wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì bí o bá dé òpin. Ẹnu kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ̀ ẹ́. Kó o sì kó òkúta wẹ́wẹ́ sí àpò òsì; bí o bá ka mẹ́wàá, mú ọ̀kan bọ́ sí àpò ọ̀tún. Èmi máa ń fi tẹ̀sùbáà ṣe é nínú oko kòkó mi, ìlẹ̀kẹ̀ kan fún mẹ́wàá.

Tíṣà Jọ́gíráfì:
Alhájì, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà tí ẹ ń gbà yẹn ni wọ́n fi ya máàpù Tíbẹ́ẹ̀tì? Àwọn Òyìnbó tó ń wọn ilẹ̀ Íńdíà kò lè wọ ibẹ̀, ni wọ́n bá kọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nain Singh láti máa gbé ìṣísẹ̀ kan náà yálà ó ń gun òkè ni tàbí ó ń sọ̀. Ó múra bí arìnrìn-àjò ẹ̀sìn. Ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà àwọn ẹlẹ́sìn Búdà máa ń jẹ́ 108, tirẹ̀ jẹ́ 100 kí ìṣirò baà lè rọrùn. Ìṣísẹ̀ ọgọ́rùn-ún, ìlẹ̀kẹ̀ kan. Ó dé Lhasa ní ọdún 1866. Kò sẹ́ni tó fura sí ẹni tó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ lọ́nà.

Alhájì Oníkòkó:
Tèmi ò ní ìbòjú o, kòkó mi ni mo ń wọ̀n.

Àgbẹ̀Ọ̀tun:
Mo ti ṣe é. Àwọn oníbúlọ́ọ̀kù fi mí ṣẹ̀sín títí, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí n tò ó. Ìṣísẹ̀ 60 ni mo gbé lórí 150 ẹsẹ̀ bàtà. Nígbà míì ó máa ń di 61, ṣùgbọ́n 60 ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìyẹn ni pé ìṣísẹ̀ mi kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀.

Àná ni mo wá lọ sóko. Igun mẹ́rin ni ilẹ̀ náà ní: igun ìrókò, igun ojú ọ̀nà, igun ọ̀pẹ àti igun akùrọ̀. Láti ìrókò dé ojú ọ̀nà, ìṣísẹ̀ 75. Láti ojú ọ̀nà dé ọ̀pẹ, 104. Láti ọ̀pẹ dé akùrọ̀, 78. Láti akùrọ̀ padà sí ìrókò, 106.

Mo ṣe é bí Káńsúlọ̀ ṣe wí. 75 àti 78, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 76 àbọ̀. 104 àti 106, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 105. Mo sọ ọ́ di ẹsẹ̀ bàtà, ó di 191 àti 262 ó lé díẹ̀. Tí mo fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, ó jẹ́ nǹkan bí 50,200. Éékà kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 43,560, nítorí náà éékà kan àti díẹ̀ ni, 1.15. Kò tó éékà kan àbọ̀ tí baba wí.

Káńsúlọ̀:
Ṣé ẹ rí i! Ọ̀nà mi ló lò.

Ọmọ Awọnlẹ̀:
O káre. Ìbéèrè kan ṣoṣo: nígbà tó o dúró ní igun ojú ọ̀nà, tí o wo ìrókò, tí o tún wo ọ̀pẹ, ṣé igun náà rí bí igun ilé, àbí ó ṣí sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀?

Àgbẹ̀Ọ̀tun:
Ó ṣí o. Ilẹ̀ náà dà bí àpótí tí èèyàn fi ẹsẹ̀ tì tó wọ́. Igun ìrókò àti ti ọ̀pẹ ṣe ṣóńṣó, méjì yòókù là gbayawu.

Ọmọ Awọnlẹ̀:
Ohun tí mo ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Kíkó ẹ̀gbẹ́ méjì pọ̀ kó o sì pín in máa ń pé nígbà tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá rí bí igun ilé. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń wọ́ tó ni iye tó ń fún ọ á ṣe máa ju òótọ́ lọ. Kì í dín láéláé, lílé ló ń lé. Wò ó báyìí: ilẹ̀ tó wọ́ títí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlà tóóró, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì gùn bó ṣe gùn, àmọ́ kò sí ilẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́.

Padà lọ. Láti ìrókò, rìn tààrà gba àárín oko dé ọ̀pẹ, kó o ka ìṣísẹ̀. Ní ojú ìlà yẹn, ilẹ̀ náà ti di apá méjì, igun mẹ́ta mẹ́ta. Ohun tó kù ni bí igun ojú ọ̀nà àti igun akùrọ̀ ṣe jìnnà sí ìlà náà tó, ní ọ̀gangan, níbi tí ìrìn rẹ àti ìlà náà bá ti rí bí igun ilé.

Bí wàá ṣe mọ ọ̀gangan rèé. Fi igi wẹ́wẹ́ méjì tàbí mẹ́ta sàmì sí ìlà àárín yẹn. Dúró lórí rẹ̀, kọjú sí igi ìrókò, kó o na apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, kí apá ọ̀tún ṣe tààrà pẹ̀lú ìlà iwájú rẹ... rárá, jẹ́ kí n là á dáadáa: apá kan tọ́ka sí ìrókò, apá kejì tọ́ka sí ọ̀pẹ, ìwọ kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà. Di ojú rẹ, kó o pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú, láìyára. Là ojú. Bí orí ìka rẹ bá tọ́ka sí igun ojú ọ̀nà, ọ̀gangan rẹ̀ lo wà. Bí ó bá tọ́ka sí òsì igun náà, sún sí ọ̀tún díẹ̀ lórí ìlà, tún un ṣe. Láti ibẹ̀ rìn lọ sí igun náà, kó o kà á. Yí padà, ṣe bẹ́ẹ̀ fún akùrọ̀.

Tíṣà Jọ́gíráfì:
Ẹni tí kò bá gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ lè fi okùn ṣe é. Ta kókó sí okùn, kí ó di apá mẹ́ta tó gùn ní ìṣísẹ̀ 3, 4 àti 5. Bí ó bá so wọ́n di igun mẹ́ta, ibi tí 3 àti 4 ti pàdé á rí bí igun ilé gẹ́lẹ́.

Ọmọ Awọnlẹ̀:
Òótọ́ ni, bíríkìlà kò sì lè ṣe láìsí i. Ṣùgbọ́n fún oko, ọwọ́ ti tó.

Àgbẹ̀Ọ̀tun:
Mo ti padà lọ. Ìrókò dé ọ̀pẹ, 160 nígbà tí mo lọ, 161 nígbà tí mo bọ̀. Igun ojú ọ̀nà sí ìlà náà, 40. Igun akùrọ̀ sí i, 44. Ọwọ́ tí a ń pa pọ̀ yẹn ń ṣiṣẹ́ o, ó yà mí lẹ́nu. Àwọn ọmọ tó ń ṣọ́ màlúù rò pé mò ń gbàdúrà sí ilẹ̀ baba wọn.

Ọmọ Awọnlẹ̀:
Ẹ jẹ́ ká ṣírò. 160 lọ́nà méjì àbọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 400. 40 jẹ́ 100, 44 jẹ́ 110. Pa 100 àti 110 pọ̀, 210, ìdajì rẹ̀ 105. 400 lọ́nà 105 jẹ́ 42,000. Pín in sí 43,560: 0.96. Éékà kan ni, ó dín díẹ̀.

Láàárín 50,200 àti 42,000, iye tó sọnù ju pulọ́ọ̀tì kan lọ, ìyẹn pulọ́ọ̀tì 60 lọ́nà 120. Ilẹ̀ kò lọ síbì kankan, ọ̀nà tí a gbà ṣírò ló bù ú sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ má ka 0.96 sí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ wọ̀n dáadáa lè fi bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta ṣì í nínú ọgọ́rùn-ún. Bí gígùn bá fi mẹ́ta yàtọ̀, tí ìbú náà fi mẹ́ta yàtọ̀ sí apá kan náà, iye ilẹ̀ á fi mẹ́fà yàtọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà ó lè jẹ́ 39,500, ó lè jẹ́ 44,500. O kò lè fi ẹsẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jà lórí bóyá ó pé éékà kan tàbí kò pé. Éékà kan àbọ̀ ni kò lè jẹ́. Kó tó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìṣísẹ̀ rẹ gbọ́dọ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, okùn búlọ́ọ̀kù sì ti sọ pé méjì àbọ̀ ni.

Ibí ni mo ti fẹ́ gbe Káńsúlọ̀ lẹ́yìn. Níwọ̀n bí ọ̀nà tiẹ̀ kì í ti dín, ó wúlò láti mọ ibi tí ilẹ̀ kò lè kọjá. Ká tiẹ̀ ní o kò rí àyè gba àárín kọjá nítorí igbó, 1.15 ti tó láti sọ fún baba pé éékà kan àbọ̀ kò sí níbẹ̀.

Káńsúlọ̀:
Ẹ ṣé, Bàbá. Àmọ́ ẹ kò tíì sọ̀rọ̀ òkè. Ilẹ̀ akùrọ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣé ìṣísẹ̀ orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kì í ṣe irọ́?

Ọmọ Awọnlẹ̀:
Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Bí ilẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sọ̀ kalẹ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún, ìdajì ẹsẹ̀ bàtà péré ló fi lé lára ohun tí o rìn. Ẹsẹ̀ rẹ ló ń ṣe é: bí o bá ń gòkè ó ń kúrú, iye ìṣísẹ̀ á pọ̀. Rìn ín lọ, rìn ín bọ̀, pa iye méjèèjì pọ̀, kó o lo ìdajì rẹ̀.

Alhájì Oníkòkó:
N kò gbà. Ní oko mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, àlọ àti àbọ̀ máa ń yàtọ̀ tó bíi mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdajì kọ́ ni mo ń lò, iye tí mo kà nígbà tí mo ń sọ̀ bọ̀ ni mo ń lò, nítorí bí mo ṣe ń rìn ní ilẹ̀ títẹ́jú ni mo ṣe ń rìn bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọ Awọnlẹ̀:
Ti yín lè rí bẹ́ẹ̀, Alhájì. Àwọn mìíràn ń ya ẹsẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ̀, àwọn mìíràn ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí wọ́n má baà yọ̀. Ibi tí òkè bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, okùn ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà ni kí èèyàn tà léra, kó fi ìṣísẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá Aránṣọ:
Ẹ jọ̀ọ́, níwọ̀n bí a ti ń sọ oko: báwo lẹ ṣe ń mọ àlàfo ẹ̀gẹ́ láìsí rúlà? Ìṣísẹ̀ náà ni?

Àgbẹ̀Ọ̀tun:
Mítà kan sí mítà kan ni wọ́n sọ fún wa. Mo ti ń rò ó láti fi ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, gìgísẹ̀ kan ìka ẹsẹ̀.

Ọmọ Awọnlẹ̀:
Rárá. Ẹsẹ̀ rẹ kì í ṣe íǹṣì 12; ọ̀pọ̀ ọkùnrin, láìwọ bàtà, kò ju íǹṣì 10 àbọ̀ lọ. Bí o bá fi lé ara wọn lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kò hàn. Bí o bá fi sọdá ebè ọgbọ̀n, ìlà rẹ ti lọ síbòmíràn. Gé igi kan. Búlọ́ọ̀kù méjì ní gígùn ti jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ntímítà 91. Fi ìbú ọwọ́ rẹ kan kún un, ìka mẹ́rin pẹ̀lú àtàǹpàkò tó sún mọ́ wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10. Mítà kan nìyẹn. Gbé igi yẹn fún ẹni tó ń gbìn, má jẹ́ kí kálukú máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Lórí 42,000 rẹ yìí, wàá rí àyè gbin nǹkan bí 3,900 ìdí ẹ̀gẹ́.

Tíṣà Jọ́gíráfì:
Kí ó má gbàgbé pé ìgbàṣe lèyí dára fún. Bí ó bá di pé ó fẹ́ ra ilẹ̀ náà pátápátá, awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ ló máa ri òkúta ààlà, kò sí ìṣísẹ̀ níbẹ̀.

Àgbẹ̀Ọ̀tun:
Mo ti bá baba sọ̀rọ̀. Wọn kò bínú, ṣùgbọ́n wọn kò gbà. Wọ́n ní bàbá àwọn ló fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n nígbà náà, pé èèyàn gíga sì ni. Wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Sátidé, kí àwọn fi ẹsẹ̀ tàwọn rìn ín lójú mi.

Ọmọ Awọnlẹ̀:
Ó dára bẹ́ẹ̀. Mú okùn búlọ́ọ̀kù náà dání. Kí baba kọ́kọ́ rin 150 ẹsẹ̀ bàtà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó wọ oko, kí ẹ jọ mọ ohun tí ìṣísẹ̀ tiwọn jẹ́. Àti ìlà ìrókò sí ọ̀pẹ, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rìn, kí oòrùn tó mú.